R² rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1, síbẹ̀ ìlà náà ṣìnà

Lọ́dún 1958 ni Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì kábọ́nì dáyọ́sáìdì lórí òkè Mauna Loa ní Hawáì. Ní ìpíndọ́gba ọdún 1960, nínú mólẹ́kù afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan, 317 ló jẹ́ gáàsì yìí. Ó di 326 ní 1970, 339 ní 1980, 354 ní 1990, àti 370 ní 2000. Mo ti sún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí odidi tó sún mọ́ ọn jù lọ kí ọwọ́ wa lè yá. Ká ní ọdún 2001 la wà, tí ẹnì kan sì bi wá pé mélòó ni yóò jẹ́ ní 2020, bírò àti bébà tó láti fa ìlà tó bá nọ́ńbà márààrún mu jù lọ.

A ò ní fi ọdún gan-an ṣe ìṣirò, torí nọ́ńbà ńlá ni yóò máa yọ wá lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká pe 1980 tó wà láàárín ní 0, ká sì máa ka ẹ̀wádún síwájú àti sẹ́yìn. Ohun tá a pè ní x wá di −2, −1, 0, 1, 2, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ 0. Iye gáàsì ni y.

Ìdagẹ̀rẹ́ ìlà ni yóò sọ iye tí gáàsì fi ń pọ̀ sí i ní ẹ̀wádún kan. Ẹ sọ x kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú y tirẹ̀: −634, −326, 0, 354, 740. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 134. Ẹ tún sọ x kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 4, 1, 0, 1, 4, àròpọ̀ 10. Ẹ pín 134 sí ọ̀nà 10, ó di 13.4. Ní ti ibi tí ìlà ti gba orí 0 kọjá, níwọ̀n bí ìpíndọ́gba x ti jẹ́ 0, ìpíndọ́gba y náà ni: 1706 tá a pín sí ọ̀nà 5, ìyẹn 341.2.

```
y = 341.2 + 13.4x
```

Ẹni tó bá taku pé ọdún gan-an lòun máa lò yóò rí ìlà kan náà, àmọ́ −2312 ni yóò bá ní ọdún 0, bíi pé gáàsì jẹ afẹ́fẹ́ ní gbèsè. Ìlà ò mọ nǹkan kan nípa ibi tá ò ti wọn nǹkan.

Ó kan àṣẹ́kù, ìyẹn iye tá a wọ̀n lóòótọ́ tá a bá ti yọ iye tí ìlà pè kúrò nínú rẹ̀. Ìlà pe 314.4, 327.8, 341.2, 354.6 àti 368.0. Àṣẹ́kù wa jẹ́ 2.6, −1.8, −2.2, −0.6 àti 2.0. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 0 ni. Bí kò bá jẹ́ 0, ẹ padà wá ibi tí ìṣirò ti yẹ̀.

Torí pé wọ́n máa ń pa ara wọn rẹ́ báyìí, a máa ń sọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ká tó rò wọ́n pọ̀. Ìlà tí àròpọ̀ yìí kéré jù lọ fún là ń wá. Legendre ará Faransé ló kọ́kọ́ tẹ ọ̀nà náà jáde ní 1805. Tiwa jẹ́ 19.2. Ẹ wá fi wé ẹni tí kò fa ìlà rárá, tó kàn ń dáhùn 341.2 fún ọdún gbogbo. Àròpọ̀ àṣìṣe tirẹ̀ lọ́nà kan náà jẹ́ 1814.8.

```
R² = 1 − 19.2/1814.8 = 0.989
```

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa pa ìwé dé níbí. Ẹ fi 4 sípò x fún 2020: ìlà ní 394.8. Iye tí wọ́n wọ̀n lọ́dún náà jẹ́ 414. Ìlà tí àṣẹ́kù rẹ̀ tó tóbi jù jẹ́ 2.6 fi nǹkan bí 19 tàsé.

Àmì rẹ̀ ti wà níwájú wa, àmọ́ kò sí nínú R². Ẹ tún wo àṣẹ́kù yẹn: ó wà lókè ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ láàárín, ó padà sókè ní ìparí. Ká ní àṣìṣe lásán ni, kò ní tò báyìí. Àlàfo ẹ̀wádún sí ẹ̀wádún náà ń jẹ́rìí: 9, 13, 15, 16. Ìdagẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ ń ga sí i, a sì ti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dè é mọ́lẹ̀. Ohun tí R² ń sọ ni pé ìlà wa sàn ju ìpíndọ́gba lọ, nǹkan tó ń gòkè láìdúró sì máa ń mú kí èyí rọrùn. Kò sọ bóyá ìlà tó tọ́ ni ká fà.

Bí a bá fún ìlà láyè kó tẹ̀, ọ̀nà ìṣirò kan náà yóò fún wa ní èyí:

```
y = 341.2 + 13.4x + 1.143(x² − 2)
```

R² kàn kúrò ní 0.989 dé 0.9995 ni, ìyàtọ̀ tí ojú lè fò. Ṣùgbọ́n ohun tó pè fún 2020 di 410.8, ó sì ku nǹkan bí 3 kó dé 414.