Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọjà wo ló yẹ ká dì pọ̀ tà?

Ká sọ pé rìsíìtì 200 wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Búrẹ́dì wà nínú 120, gààrí nínú 50, ṣúgà nínú 40. Gààrí àti búrẹ́dì jọ jáde nínú 30. Gààrí àti ṣúgà nínú 25.

Lójú, búrẹ́dì ló ń bá gààrí rìn jù. Àmọ́ nínú 100 oníbàárà, 60 ló ń ra búrẹ́dì. Nínú 100 tó ra gààrí, 60 náà ni. Gààrí kò fi nǹkan kan kún un.

Ṣúgà yàtọ̀. Nínú 100 oníbàárà, 20 péré ló ń rà á, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ra gààrí, ó di 50. Ìlọ́po 2.5 nìyẹn. Gààrí àti ṣúgà ló yẹ kó wọ ọ̀rá kan náà.

Bí ọjà méjì bá jọ jáde lórí rìsíìtì méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ má tíì dì wọ́n, ó lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Kí ẹ sì tó dín owó, ẹ rántí pé àwọn 25 yẹn ti ń rà wọ́n pọ̀ ní owó pípé tẹ́lẹ̀.