Tíkẹ́ẹ̀tì Ọdún: Ohun Tó Yẹ Kí Ìpolówó Sọ

"Kérésì ti dé! Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, àlọ àti àbọ̀! Ẹ lè yí ọjọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́, báàgì méjì ló wà fún yín!" Irú ìpolówó báyìí kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ohun tí kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ọjọ́. Ká ní obìnrin kan san 900 pọ́n-ùn láti lọ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, kó sì padà ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní. Nígbà tó dé Èkó, ó gbọ́ pé ìgbéyàwó àbúrò òun bọ́ sí ọjọ́ 8, ó sì fẹ́ sún àbọ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ 10. Owó ìtanràn nìkan ni "lọ́fẹ̀ẹ́" mú kúrò. Ìjókòó tó wà nínú bàálù kan náà kì í ṣe iye kan náà; èyí tó dínwó ló máa ń kọ́kọ́ tán. Bí ìjókòó tó kù lọ́jọ́ 10 bá sọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di 1,150 pọ́n-ùn, yóò san 250 tó fi lé. Àsìkò tí àwọn èèyàn ń rọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlú Ọba sì nìyẹn, ìjókòó olówó pọ́ọ́kú ṣọ̀wọ́n. Tí kò bá tiẹ̀ wí nǹkan kan títí bàálù ọjọ́ 5 fi gbéra, ó lè pàdánù àǹfààní àyípadà náà pátápátá.

Ti ẹrù ńkọ́? "Báàgì méjì" sábà máa ń túmọ̀ sí kílò 23 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe kílò 46 téèyàn lè pín bó ṣe wù ú. Ẹni tó di kílò 28 sínú ọ̀kan àti 18 sínú èkejì yóò san owó àlékún lórí ti àkọ́kọ́, tàbí kó tú ẹrù lójú gbogbo èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú. Báàgì tó bá ju kílò 32 lọ, wọn kì í sábà gbà á rárá, nítorí èèyàn ni yóò fi ọwọ́ gbé e. Nílé, ẹ gun ìwọ̀n pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá yọ ìwọ̀n ara yín kúrò.

Ìpolówó tó ṣe kedere yóò kà báyìí:

"Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, àlọ àti àbọ̀, 900 pọ́n-ùn. Ẹ lè yí ọjọ́ àbọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan láìsan ìtanràn, tí ẹ bá sọ fún wa kí bàálù tó gbéra. Bí ọjọ́ tuntun bá wọ́n jù, ẹ ó san owó tó fi lé. Báàgì méjì, kò gbọdọ̀ sí èyí tó ju kílò 23 lọ. Ìwọ̀n ọ̀kan kò ṣeé dà sórí èkejì."

Ká ní ohun tí obìnrin yẹn kà nìyí, ì bá ti béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.