Ta Ló Ní 50 Ni Máàkì Àyege?

Ẹ jẹ́ ká fi dókítà méjì ṣe àpẹẹrẹ, Bọ́lá àti Túndé. Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì ti kàwé jáde, wọ́n sì fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ìdánwò PLAB wà níwájú wọn, èyí tí GMC, àjọ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ níbẹ̀, ń ṣe fún àwọn tó kàwé jáde ní orílẹ̀-èdè míì. Abala kìíní rẹ̀ jẹ́ 180 ìbéèrè láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìdáhùn márùn-ún ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kéèyàn mú èyí tó dára jù. Ká ní Bọ́lá gba 114, wọ́n ní kò yege. Túndé ṣe tiẹ̀ ní ìjókòó míì, ó gba 111, wọ́n ní ó yege. Bọ́lá á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ra ẹ̀ lọ́rùn: màgòmágó wo rèé?

Kò sí màgòmágó níbẹ̀. Máàkì àyege ìdánwò yẹn kì í dúró sójú kan, torí pé ìbéèrè ìjókòó kan lè le ju ti òmíràn lọ.

Àwa tí wọ́n fi 40 tàbí 50 tọ́ dàgbà nílé ìwé, ó máa ń yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: kí ni 50 mọ̀ nípa ìbéèrè? Bí tíṣà bá béèrè ohun tó rọ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á gba 50. Bó bá béèrè ohun tó le koko, ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa lè gba 48. Fún ìdánwò kíláàsì, ẹ̀rín la máa fi í rín. Fún ẹni tó fẹ́ gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọ̀nà tí GMC ń gbà ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà Angoff. William Angoff ṣiṣẹ́ ní ETS ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ìdánwò TOEFL. Ní 1971 ó kọ orí kan tó gùn gan-an sínú ìwé ńlá kan lórí ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kò ju ìpínrọ̀ bíi méjì àti àkíyèsí kékeré kan nísàlẹ̀ ojú ìwé lọ nínú ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ sì sọ pé Ledyard Tucker ló mú àbá náà wá. Orúkọ Angoff ló ṣáà lẹ̀ mọ́ ọn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kó àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú jọ, níbí àwọn dókítà ni. Kí wọ́n tó wo ìbéèrè kankan, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí kò sí láyé: ẹni orí ìlà. Kì í ṣe dókítà tó já fáfá, kì í sì í ṣe dókítà bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ó ni. Bó bá fi díẹ̀ kéré sí bó ṣe wà yẹn, ẹ ò ní gbà kó fọwọ́ kan aláìsàn. Ti PLAB, ìwọ̀n tí wọ́n ń wò ni ti dókítà tó ti parí ọdún kìíní lẹ́nu iṣẹ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún kejì. Kí ló lè dá ṣe? Ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀? Tí ìgbìmọ̀ bá sáré kọjá ibi yìí, olúkúlùkù á máa ro ẹni tó yàtọ̀, gbogbo òǹkà tó kù á sì di àbá lásán.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á wá bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni pé: bí 100 irú ẹni orí ìlà yìí bá jókòó sínú gbọ̀ngàn, mélòó ló máa gba ìbéèrè yìí?

Ẹ wo ọ̀kan tí mo ṣe fúnra mi. Ọmọ kan wọn kílò 12. Parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù 15 ni kó lò fún kílò kọ̀ọ̀kan. Oògùn olómi tó wà nílẹ̀ ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó ni kí wọ́n fún un? 12 lọ́nà 15 jẹ́ 180, ìyẹn sì jẹ́ mílílítà 7.5. Àmọ́ mílílítà 5 náà wà lára ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó bá kánjú.

Ká ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin kọ 95, 70, 65 àti 70. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 75. Alága á bi ẹni tó kọ 95 pé kí ló rí. "Ẹ gbà mí o, dókítà wo ni kò ní mọ èyí?" Alága á ní, "Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Ṣé ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n ni, àbí wọ́n máa mọ̀ ọ́n?" Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ó yẹ kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú gbọ̀ngàn, tí aago ń sáré, àwọn kan á mú 5. Ọ̀gá wa á ronú, á sọ ọ́ di 75. Ìpíndọ́gba á wá di 70.

Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè. Ká ní márùn-ún péré ni, tí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 70, 85, 35, 60 àti 55. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 305. Ẹ pín in sí márùn-ún, 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni máàkì àyege. Bí 180 ìbéèrè bá lọ bẹ́ẹ̀, 110 nìyẹn.

Àwọn ibì kan wà tó ti máa ń wọ́. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá kọ 10 sí ìbéèrè onídàáhùn márùn-ún, ẹ mọ̀ pé kò ronú jinlẹ̀, torí ẹni tó fojú dí mú ọ̀kan á gbà á nígbà 20 nínú 100. Ìwádìí tún ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn onímọ̀ máa ń rò pé ẹni orí ìlà á gba ìbéèrè líle ju bó ṣe máa gbà á lọ, wọ́n á sì fojú kéré rẹ̀ lórí èyí tó rọ̀. Torí ẹ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ kan fi ń wo iye èèyàn tó gba ìbéèrè náà lóòótọ́ kí wọ́n tó kọ òǹkà kejì. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò fi gbogbo ara fẹ́ràn ẹ̀. Bí wọ́n bá kàn ń da òǹkà yẹn kọ, ohun táwọn tó ṣèdánwò ṣe ló ń yan máàkì, kì í ṣe ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ mọ́.

Àwọn mẹ́rin yẹn náà ò sì lè bára wọn mu tán. Ká ní àròpọ̀ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún odindi ìdánwò jẹ́ 58, 60, 61 àti 65. 61 ṣì ni ìpíndọ́gba, àmọ́ tí ẹ bá ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà síra, ẹ máa rí i pé ìgbìmọ̀ míì tó mọṣẹ́ bíi tiwọn lè fi bíi 1.5 lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Nínú 180, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máàkì mẹ́ta. Bí ẹ bá pe onímọ̀ mẹ́rìndínlógún dípò mẹ́rin, tí wọ́n sì jìnnà síra bákan náà, ó máa dín kù sí ìdajì.

Ó wá ku Bọ́lá. Ìbéèrè tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ju ti Túndé lọ, àwọn onímọ̀ sì rí i pé ẹni orí ìlà á gba 115 níbẹ̀. 114 ni òun gbà. Ìgbìmọ̀ míì ì bá lè kọ 113 sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ 117. Kò sí ìṣirò tó lè sọ ẹni tó yẹ kó ru ẹrù àṣìṣe yẹn, Bọ́lá ni àbí aláìsàn tó máa bá pàdé. Àwọn tó ni ìdánwò ló máa pinnu ìyẹn, ohun tó sì dáa ni pé kí wọ́n ti pinnu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo èsì.