Orin Ń Dún, Ìpè Ń Wọlé, Orúkọ Kò Jáde

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn rewáyà ti gbọ́ sú: fóònù ti so mọ́ ọkọ̀, orin ń dún lẹ́nu sípíkà, bí ẹnì kan bá pè, ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnì kankan lójú rédíò. Nọ́ńbà gbọọrọ nìkan ló ń hàn. Bí rewáyà náà bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn àtita nǹkan, á ní kí wọ́n pààrọ̀ rédíò. Kó tó di pé a dé ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín fóònù àti ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí síso wọn pọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá ọkọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó dán an wò, nítorí ọ̀pọ̀ rédíò ni kì í jẹ́ kéèyàn fi fóònù tuntun kún un bí táyà bá ń yí. Ẹ wo inú rédíò náà, pàápàá tó bá jẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀, bóyá fóònù àwọn ará Amẹ́ríkà tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn rédíò kan ò lè gbà ju fóònù márùn-ún lọ. Bí àyè bá ti kún, tiyín ò ní wọlé, ó sì lè má sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹ pa àwọn àjèjì wọ̀nyẹn rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí rédíò wá fóònù tuntun, ẹ sì ṣí ojú ewé Bulútúùtù lórí fóònù yín. Ẹ má ṣe kúrò lójú ewé yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fóònù ti ń fara han ọkọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà á jáde lójú méjèèjì; bí wọ́n bá bára mu, ẹ gbà á. Rédíò tó ti dàgbà á béèrè nọ́ńbà àṣírí, tí ó sábà máa ń jẹ́ 0000 tàbí 1234.

Ojú ẹsẹ̀ yìí gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Fóònù á béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ rí àkójọ orúkọ yín. Lórí ọ̀pọ̀ Áńdírọ́ìdì, àpótí kékeré kan ni, ní ìsàlẹ̀ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn kó tó tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka nǹkan tó bá jáde lójú fóònù. A tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Bulútúùtù kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìpè ní ọ̀nà tirẹ̀, orin ní tirẹ̀, àkójọ orúkọ náà ní tirẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní PBAP. Ọ̀kan lè ṣí kí èkejì tì pa. Ìdí nìyẹn tí orin fi lè máa dún láìsí orúkọ. Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni pé fóònù kì í dédé ki àkójọ náà bọnú ọkọ̀: rédíò ló ń béèrè, fóònù ló ń dáhùn. Nítorí náà, bí orúkọ ò bá jáde, ó lè jẹ́ pé fóònù kọ̀, ó lè jẹ́ pé rédíò ò béèrè, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí rédíò wò kọ́ ni orúkọ wà.

Ti pé fóònù kọ̀ ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù. Lórí áífóònù, nígbà tí ó bá ti so mọ́ ọkọ̀, ẹ wọ `Settings`, ẹ wọ `Bluetooth`, ẹ tẹ `i` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì tan `Sync Contacts`. Lórí Áńdírọ́ìdì, àmì kan tó ní eyín yíká ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀; inú rẹ̀ lẹ ó ti rí ìyọ̀ǹda nípa `Contacts`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ síbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní fi ìkánjú kó ẹgbẹ̀rún orúkọ.

Ti pé rédíò ò béèrè, ọwọ́ àwọn rédíò olójú gbàràmù tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ ló ti wọ́pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì kan lójú ewé fóònù, tó ní àmì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí.

Ẹ̀kẹta ló ń da orí èèyàn rú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, ní orúkọ oníbàárà tó lé ní irínwó nínú fóònù, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n péré tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló wọnú ọkọ̀ rẹ̀. Ìyọ̀ǹda wà ní títàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú orúkọ kan tí ọkọ̀ ò ní." Wọ́n mú ti ìyá kan tó ń ra àǹkárá lọ́wọ́ wọn. A ṣí i, a wo ibi tí fóònù kọ pé òun tọ́jú rẹ̀ sí: síìmù ni. A ṣí ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ rí: inú àkáǹtì Gúgù ló wà. Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Àtìgbà fóònù kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé síìmù yẹn kiri, inú rẹ̀ sì ni gbogbo ọjà wọn wà. Àyè ọ̀tọ̀ ni síìmù ní nínú ètò PBAP, ọ̀pọ̀ rédíò kì í sì í débẹ̀ rárá.

A wọ inú àkójọ orúkọ, a wá `Import from SIM`, a sì darí gbogbo rẹ̀ sí àkáǹtì Gúgù wọn. A pa ìyọ̀ǹda náà, a tún un tàn, kí rédíò lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ ya wọlé. Àwọn kan wá di méjì-méjì, nítorí wọ́n ti wà ní ibi méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò pa èèyàn.

Nígbà mìíràn, gbogbo orúkọ á wà nínú ọkọ̀, síbẹ̀ nọ́ńbà lásán ló máa hàn bí ẹnì kan bá pè. Ẹ wo bí ẹ ṣe kọ nọ́ńbà onítọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ 080 ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tí ìpè rẹ̀ sì ń wọlé pẹ̀lú +234, àwọn rédíò kan ò ní mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ fi +234 rọ́pò òdo àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé àpótí kékeré ló ń jáde láàárín orúkọ, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tí ẹ kọ sí i ni rédíò ò mọ̀ ọ́n kọ. Fún àwa tó ń kọ Ṣọlá àti Ẹbùn bó ṣe yẹ, ó dùn mí o, àmọ́ kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn ju ká yọ àmì.

Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí kò yọrí, ẹ pa wọ́n rẹ́ lójú méjèèjì kẹ́ ẹ tún so wọ́n pọ̀. Lójú méjèèjì, mo tún un sọ. Àdéhùn àṣírí kan ni fóònù àti rédíò jọ tọ́jú. Bí ẹ bá pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀kan nìkan, èkejì á ṣì máa mú ti àtijọ́ wá, wọn ò sì ní gbọ́ra yé. Tí orúkọ bá wá ń jáde láti A títí dé bíi M, tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú rédíò ti kún. Ẹ dín orúkọ kù nínú àkáǹtì náà. Bí rédíò bá sì ní `CarPlay` tàbí `Android Auto`, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ lo ìyẹn: inú fóònù gan-an ni orúkọ ti ń wá níbẹ̀, rédíò ò ní àkójọ kankan tó fẹ́ kó pamọ́.