Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo, Àlàáfíà: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Sínú Ìwé Ìtumọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní ìhà Ajah àti Lekki yìí, ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ Yorùbá. Ìwé kékeré tó to ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń béèrè. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun, nítorí pé ọdún 1843 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ kan péré, kí á wo ohun tó yẹ kí á kọ sí iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni àlàáfíà.

Ẹni tó bá ń kánjú yóò kọ ọ́ báyìí: “Àlàáfíà: píìsì. Mo fẹ́ àlàáfíà.” Ó dà bí ẹni pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ìyá kò ní àlàáfíà láti ìjẹta,” kí ni yóò rò? Yóò rò pé ìyá ń bá ẹnìkan jà. Kò ní mọ̀ pé àìsàn ni wọ́n ń wí, kò sì ní yà kí ìyá bí ó ti yẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ni yóò là á yé wa. Lárúbáwá ni, al-áfíyà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlera àti bíbọ́ lọ́wọ́ ibi. Ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá ń lò fún àìsí ìjà ni sàlámù, ìdí rẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbà tí àlàáfíà wọ Yorùbá, ó di ìtumọ̀ ti ìlera mú, ó sì gba ti àìsí ìjà mọ́ ọn. Nítorí náà, ìtumọ̀ méjì ni a ó kọ, a ó sì fún wọn ní nọ́ńbà: hẹ́lìtì ni èkínní, píìsì ni èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Lárúbáwá, ẹ ṣọ́ra níbí o. Nínú ìwé ìtumọ̀ Lárúbáwá, abẹ́ ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn áìnì, fáà àti wáwù, ni a ti ń wá al-áfíyà. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, “al” ti di ara ọ̀rọ̀ náà, a kò lè gé e kúrò. Abẹ́ lẹ́tà A ni yóò wà, bí àlùbáríkà àti àlùbọ́sà.

Ó kù bí a ó ṣe pe irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì lè mú kí á pè é ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ẹ fi “kò” dán an wò. A lè sọ pé, “Ara mi kò le,” nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni “le”. Kò sí ẹni tí í sọ pé, “Mi ò àlàáfíà.” Ohun tí à ń wí ni, “N kò ní àlàáfíà.” Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí “ọ̀rọ̀ orúkọ” níwájú rẹ̀, yóò mọ̀ pé ó ní láti wá ọ̀rọ̀ ìṣe bíi “ní” tàbí “wà” tì í.

Gbólóhùn àpẹẹrẹ náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tí à ń túmọ̀. Nínú “Mo fẹ́ àlàáfíà,” iṣu lè wọ ibẹ̀, omi lè wọ ibẹ̀, owó náà lè wọ ibẹ̀. Gbólóhùn náà kò kọ́ni ní nǹkan kan. Èyí tó dára ni èyí tí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù inú rẹ̀ ń tọ́ka sí ìtumọ̀ tí a fẹ́.

Nítorí náà, báyìí ni a ó ṣe kọ ọ́:

àlàáfíà (dò dò mí mí dò), ọ̀rọ̀ orúkọ. Láti inú Lárúbáwá. Àwọn ìwé àtijọ́ kọ ọ́ ní *alafia*.
1. hẹ́lìtì. *Ibà náà ti lọ, ọmọ ti wà ní àlàáfíà.*
2. píìsì. *Àwọn ará Ajah ti parí ìjà wọn, àlàáfíà ti dé.*
Ìkíni: *Ṣé àlàáfíà ni?* À ń béèrè bóyá ara ẹni le àti bóyá ilé dára. Ìdáhùn: *Àlàáfíà ni, a dúpẹ́.*

Ẹni tó bá ka èyí, tí wọ́n sì sọ fún un pé ìyá kò ní àlàáfíà, yóò béèrè pé, “Kí ló ń ṣe wọ́n?” Kò ní béèrè pé, “Ta ló bá wọn jà?”