Nǹkan oṣù tó pẹ́ tó sì wá pọ̀ ni àbí oyún ló ń bàjẹ́?

Aago kan òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì jí mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé báyìí ni tìẹ náà máa ń ṣe?" Nǹkan oṣù rẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, ó sì wá dé lójijì. Inú ríro rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ tó dì bí ẹ̀dọ̀ adìẹ sì ń bá a jáde. Bayokẹ́mísìrì ni mò ń kà fún dígírì kejì, mo lè ya iṣẹ́ họ́mọ́ọ̀nù sójú pátákó láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n mo wo páàdì yẹn títí, mi ò lè sọ ohun tó jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ojú wíwò yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín nǹkan oṣù tó pọ̀ àti oyún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ń bàjẹ́, ì báà jẹ́ dókítà. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Lóṣooṣù, ara máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ sí inú ilé ọmọ de oyún tó ṣeé ṣe kó dé. Họ́mọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ projẹ́sítérónì ló ń di bẹ́ẹ̀dì náà mú. Tí oyún ò bá wọlé, projẹ́sítérónì á lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á wó, òun la máa rí bíi nǹkan oṣù. Tí oyún bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì tó máa di ibi ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ́ọ̀nù mìíràn jáde, èyí tí ẹ máa rí lórí ìwé àyẹ̀wò bíi hCG. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ilé ẹyin pé kó máa bá projẹ́sítérónì lọ, àlejò ti dé. Tí oyún yẹn ò bá wá dàgbà mọ́, hCG á lọ sílẹ̀, projẹ́sítérónì á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀dì kan náà á sì wó. Ó kàn jẹ́ pé ó ti nípọn díẹ̀ sí i ni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ àti inú ríro fi sábà máa ń ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àwọn kan á ní kéèyàn wá "ọmọ" nínú páàdì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ohun tí wọ́n ń wá yẹn kò ju hóró ìrẹsì kan lọ, inú ẹ̀jẹ̀ dídì ni yóò sì wà. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, torí nǹkan oṣù tó pọ̀ máa ń dì bákan náà. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ tó dì sì ń fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, nǹkan oṣù yín pọ̀ jù, ó sì yẹ kí dókítà mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò sọ pé oyún wà níbẹ̀.

Ohun tó lè sọ ọ́ ni ọjọ́ àti ìtọ̀. Nǹkan oṣù tí ọ̀rẹ́ mi rí kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni tirẹ̀ máa ń gbà, nítorí náà ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ló yẹ kó tún dé. Ọjọ́ 12 ló wá dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka oyún, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n jọ sùn. Tí oyún bá wà, ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń dé lásìkò, tó wá fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, tó sì ti bá ọkùnrin sùn lóṣù yẹn, kò yẹ kó gbà pé nǹkan oṣù lásán ni títí yóò fi yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Ó ní, "Ṣebí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ yẹ oyún wò sí?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. hCG kì í tán nínú ara lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbà á ní ọjọ́ díẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ pátá, nítorí náà àyẹ̀wò onílà méjì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ṣì máa mú un. Ìlà kejì tó ṣú bàìbàì, ìlà ni. Tí ó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé nǹkan oṣù ni. Ẹ̀yin tí ẹ lo Pósítínọ̀, ẹ fetí sí èyí: oògùn yẹn lè da ọjọ́ nǹkan oṣù rú, ó sì lè mú kéèyàn rí ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe ẹ̀rí pé kò sí oyún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlà méjì ló jáde fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀.

Ìlà méjì yẹn sọ pé oyún wà tàbí pé ó wà láìpẹ́ yìí. Kò sọ pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí oyún wọn ṣì dúró. Kò sì sọ ibi tí oyún náà wà, ohun tó sì ń ba àwọn dókítà lẹ́rù jù nìyẹn. Nínú oyún ọgọ́rùn-ún, bí ọ̀kan tàbí méjì máa ń dúró síta ilé ọmọ, nínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wá ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń wà. Ọ̀nà yẹn kò lè fẹ̀ bí ilé ọmọ. Tí oyún bá ń tóbi níbẹ̀, ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn. Èyí tó ń jáde sí páàdì lè má ju tín-ń-tín lọ nígbà tí ti inú lè pa èèyàn.

Ẹ̀jẹ̀ inú ikùn yìí ló ń fa àmì kan tí kò dà bí ọ̀rọ̀ oyún rárá: èjìká á máa dunni, ní ṣóńṣó ibi tí okùn báàgì máa ń wà. Ẹ̀jẹ̀ náà ń ta iṣan pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn, iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìròyìn ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ sì ti ibì kan náà ní ọrùn wá pẹ̀lú ti èjìká. Ọpọlọ á ṣi àdírẹ́sì kà. Èèyàn á wá rò pé òun sùn sí i ni, á fi róòbù pa á.

Nítorí náà, tí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ tàbí tí ẹ mọ̀ pé oyún wà, tí inú sì ń ro yín gan-an ní apá kan, tàbí tí èjìká ń dùn yín, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tí òógùn tútù ń bò yín, tí ẹ fẹ́ dákú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Kí ẹnì kan gbé yín lọ sílé ìwòsàn tó ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ má dá lọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ní "inú ló ń ro mí díẹ̀" nítorí ìtìjú. Ẹ sọ pé, "Ó ṣeé ṣe kí n lóyún, mo ń rí ẹ̀jẹ̀, òòyì sì ń kọ́ mi." Gbólóhùn yẹn máa ń mú kí wọ́n dìde.

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù náà jẹ́ pàjáwìrì láyè ara rẹ̀, ì báà jẹ́ oyún tàbí nǹkan oṣù. Òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni páàdì ńlá méjì tó rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì tẹ̀ léra. Ara tó gbóná dé 38, òtútù tó ń múni gbọ̀n, tàbí nǹkan olóòórùn tó ń jáde, àmì pé àìsàn ti wọ ilé ọmọ ni. Ìyẹn náà ò ṣeé fi ọ̀la dá, ògùn ẹ̀yìn kẹ́míìsì kò sì lè tó o.

Ọ̀rẹ́ mi kò ní ìkankan nínú wọn, àmọ́ a lọ láàárọ̀ náà. Síkáànù fi hàn pé kò sí nǹkan nínú ilé ọmọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Dókítà ní rárá o, ilé ọmọ tó ṣófo lè túmọ̀ sí pé oyún ti jáde, pé ó ṣì kéré jù láti rí, tàbí pé ibòmíràn ló wà. Mo ní ohun kan bí ẹran jáde lóru. Ó ní ìyẹn náà ò tó, torí bẹ́ẹ̀dì ilé ọmọ lè wó jáde lódindi nígbà tí oyún gan-an wà ní ìta. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, hCG jẹ́ 1,840. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn wákàtí 48.

Owó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì dùn wá, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìgbà kejì yẹn gan-an ló ń ṣàlàyé. Iye kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Oyún tó ń dàgbà dáadáa nínú ilé ọmọ sábà máa ń fi ó kéré tán ìdajì lé iye rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì ní àsìkò yìí. Tí ó bá ń gòkè bí ìgbín tàbí tó dúró sójú kan, wọ́n á máa fura sí ìta ilé ọmọ. Tirẹ̀ já wálẹ̀ sí 610, kò tó ìlàrin méjì ti tẹ́lẹ̀. Oyún náà ń parí lọ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní kí àyẹ̀wò máa lọ títí hCG á fi tán, torí oyún ìta pàápàá lè ṣe bíi pé ó ń lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn tí tiwọn bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù lè nílò abẹ́rẹ́ nígbà míì.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kéèyàn sáré lọ ra mísópúrọ́sítọ́ọ̀lù tàbí àgbo "fọ inú" ní kété tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó ń kan oyún tó wà ní ìta ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ á dà, ọkàn á balẹ̀, oyún á ṣì máa tóbi níbi tó wà.

Lọ́nà ilé, ó bi mí bóyá búkẹ́ẹ̀tì omi tó gbé gòkè lọ́jọ́ Àìkú ló fà á. Mo ní rárá. Nínú oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ìdajì wọn ló jẹ́ pé kurómósómù ò pé iye tàbí pé ó lé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti di oyún. Búkẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀, ìdánwò ò sí níbẹ̀, sísùn lójú òru pẹ̀lú ìwé ò sí níbẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Ẹ̀jẹ̀ dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìlà kan ṣoṣo ló jáde. Nǹkan oṣù rẹ̀ padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sì tún jí mi lóru láti sọ ọ́ fún mi.