Bí Mo Ṣe To Àwòrán Nóòtì Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa ń fi fóònù ya nóòtì ara wa. Èmi ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Àbújá ya ogún ojú ìwé lórí ìró èdè Yorùbá, láti inú ìwé ẹni méjì. Bí mo ṣe yà wọ́n ni fóònù tò wọ́n, kì í ṣe bí ẹ̀kọ́ ṣe tẹ̀ léra.

Mo kà wọ́n tán, mo pín wọn sí orí mẹ́ta: 1 Fáwẹ̀lì, 2 Kọ́ńsónáǹtì, 3 Ohùn. Lábẹ́ orí kìíní, 1.1 ni àìránmúpè, 1.2 ni àránmúpè. Mo wá sọ àwòrán kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìpín rẹ̀: `1.2-01`, `1.2-02`. Ẹ má yọ òdo yẹn, kí 10 má baà ṣáájú 2.

Ní 1.2, ìwé kan ní fáwẹ̀lì àránmúpè márùn-ún, èkejì ní mẹ́rin. N kò pa ìkankan rẹ́. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àṣé `an` inú "ìtàn" àti `ọn` inú "ìbọn" ló fà á: àkọtọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìró kan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ka lẹ́tà rí márùn-ún, ẹni tó ka ìró rí mẹ́rin. Ká ní mo pa ọ̀kan rẹ́ ni, ìdajì àlàyé ni ǹ bá gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.